Àṣìkọ mẹ́rin tí kì í tán nínú íméèlì ọ́fíìsì, àti bí ẹ ṣe lè lé wọn lọ

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ní Ìkòròdú, láti Sábó dé Odogunyan, gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á ná ọjà, wọ́n á parí ìjà, ọ̀rọ̀ ò ní wọ́n wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jókòó kọ íméèlì ìlà mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà ló máa ń ṣì wọ́n lọ́wọ́: wọ́n á kọ recieved, attatched, definately àti seperate. Ọ̀gá á pè wọ́n, á fi hàn wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun sà, mo ti rí i." Bó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àṣìkọ náà ti tún padà.

Ìdí tó fi ń padà ni pé a máa ń tún ìwé kan ṣoṣo ṣe, a kì í dé ibi tí àṣìkọ náà ń gbé. Ibi mẹ́ta ló ń gbé: nínú ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ti kọ́ ọ mọ́ra, àti nínú ìwé àtijọ́ tí a ń dà kọ lójoojúmọ́. A máa gba ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi íméèlì kan dán an wò, irú èyí tí àkọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí kan ní Odogunyan máa ń kọ sí kọ́sítọ́mà ní Ẹbúté. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú Word kó tó gbé e lọ sínú íméèlì:

```
Good morning sir. We recieved your payment.
Find attatched the invoice. The dispatch rider
will definately reach Ebute today. Your reciept
will come in a seperate mail.
```

Àṣìkọ márùn-ún ló wà níbẹ̀, nítorí pé reciept náà ti bá recieved wọlé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò sì fa ìlà pupa sí abẹ́ ìkankan nínú wọn. A máa rí ìdí rẹ̀ ní ìpele kẹrin.

## Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń kọ íméèlì, kí ẹ sì rí i pé ẹ lè wọ ibi tí íméèlì tí ẹ ti fi ránṣẹ́ wà. Ẹ wá ìwé kékeré kan àti bírò. Ẹ wá fáìlì tí ẹ máa ń dà kọ jùlọ: ínfọ́ìsì, rìsíìtì, lẹ́tà ìdúpẹ́, ohunkóhun tó jẹ́ pé orúkọ àti iye owó nìkan lẹ ń yí padà nínú rẹ̀. Bí díkíṣọ́nárì tó ṣeé fọkàn tán bá wà nítòsí, ẹ gbé e sọ́dọ̀, torí ìgbà míì máa wà tí ẹni méjì á máa jiyàn lórí lẹ́tà kan.

Bírò yẹn ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ ìpele kẹta ò ṣeé fi fóònù ṣe, nítorí pé fóònù á máa tún un ṣe fún yín kí ọwọ́ yín tó kọ́ ọ.

## Ìpele 1: Ẹ wá àṣìkọ tiyín jáde

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àkójọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kó jọ. Ẹlòmíì kì í ṣi separate kọ láéláé, àmọ́ received á máa dà á láàmú. Ìwé tí ẹ ti fi ránṣẹ́ ló mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Bó bá jẹ́ Gmail lẹ ń lò, ẹ tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí sínú àpótí ìwákiri lókè, bó ṣe wà gẹ́lẹ́:

```
in:sent {"recieved" "reciept" "attatched" "definately" "seperate"}
```

`in:sent` ń sọ fún un pé kó wo kìkì ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Àmì àkámọ́ oníwíwọ́ yẹn ń sọ fún un pé èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ló tó, kò di dandan kí gbogbo wọn pé. Lórí WhatsApp, ẹ tẹ àmì ìwákiri, kí ẹ sì wá àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà níbí ni pé wọ́n máa ń ka àṣìkọ ẹlòmíì mọ́ tiwọn. Bí ẹ bá fèsì sí íméèlì ẹnìkan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ èsì yín, ìwákiri á sì gbé e jáde bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó bóyá apá tiyín ló wà. WhatsApp tilẹ̀ ń kó ti gbogbo èèyàn pọ̀, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́.

Bí ẹ bá ti rí èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn. Ẹ kọ èyí tó tọ̀nà nìkan, ẹ má kọ àṣìkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tó bá ń rí méjèèjì papọ̀ lójoojúmọ́ kò ní mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó mọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ó yẹ kí ìwé yín ní ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́fà. Bó bá lé ní mẹ́wàá, ẹ mú mẹ́rin tí ẹ ń lò jùlọ, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ dìgbà míì.

## Ìpele 2: Ẹ mọ lẹ́tà tó ń yọ̀

Ohun tí ẹnu bá pè ni ọwọ́ ń kọ ní Yorùbá. Fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, ohùn yẹn kì í sì í rọ̀. A kì í kó kọ́ńsónáǹtì méjì kan náà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà c kò sí nínú ábídí wa. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Fáwẹ̀lì tó wà láàárín ọ̀rọ̀ lè rọ̀ débi pé etí ò ní mọ̀ bóyá a ni, e ni, tàbí i. Ẹni tó bá fi etí kọ ọ́, ó ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kì í ṣì tán látòkè délẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló máa ń yọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù á dúró digbí. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ́.

Separate. Mo fi èyí ṣáájú torí pé òun ló rọrùn jùlọ. Ibi tó ń yọ̀ ni lẹ́tà kẹrin: a ni, kì í ṣe e. Gbogbo ọmọ Èkó ló mọ ohun tó túmọ̀ sí pé ẹnìkan para. Ẹ wá para yẹn láàárín ọ̀rọ̀ náà: se, PARA, te. Bí para kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti ṣì í kọ. Ọ̀nà kejì tún wà fún ẹni tó fẹ́ràn kó máa ka lẹ́tà: fáwẹ̀lì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, e méjì wà lẹ́yìn odi, a méjì wà nínú ilé. E, a, a, e. Separately àti separation náà ní para nínú.

Definitely. Lẹ́tà a kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ di èyí mú, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀rọ̀ tó bí i ni definite, finite sì wà nínú ikùn definite. Torí náà, ẹ má ṣe tẹ definitely ní ìṣísẹ̀ kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ definite, kí ẹ wá fi ly lé e. Èyí tún ń gbà yín lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ definitly, torí pé e tó wà níparí definite kò lọ síbì kankan nígbà tí ly dé. Bí ẹ bá fẹ́ kí etí yín ràn yín lọ́wọ́, ẹ kà á bí ẹni ń ka Yorùbá, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dún: de-fi-ni-te-li. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Nínú orí yín nìkan ni, nígbà tí ọwọ́ yín bá wà lórí bọ́tìnnì.

Attached. Àṣìkọ ti èyí ní orísun tó hàn gbangba. Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ tch níparí ọ̀rọ̀ kékeré bíi catch, match àti watch. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ọ́fíìsì kì í ṣaláì lò, ìyẹn dispatch. Ẹni tó bá kọ dispatch ní ìlà kan, tó tún fẹ́ kọ attached ní ìlà kejì, ọwọ́ á kàn gbé tch lọ síbẹ̀ ni. Ẹ padà wo íméèlì tó wà lókè, ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Attach àti detach kò sí nínú ìdílé yẹn. T méjì ló wà nínú attached, wọ́n sì so mọ́ra níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn a tó tẹ̀lé wọn, c ló kàn. Ẹ rántí ata tí a fi t kan kún: ATTA, lẹ́yìn náà CHED. Bí t kẹta bá yọjú, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé t kan ni wọ́n máa ń kọ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ atached. ATTA yìí náà ló máa tún tiwọn ṣe.

Received. Èyí ló le jùlọ nínú wọn, ilé ìwé ló sì jẹ́ kó le. Wọ́n kọ́ gbogbo wa lórin pé i ló ń ṣáájú e, àfi lẹ́yìn c. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n ó ń tan èèyàn jẹ ní ọ́fíìsì, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ bíi policies, agencies, sufficient àti efficient ní c, i ló sì tẹ̀lé c nínú gbogbo wọn. Seize àti weird kò ní c, síbẹ̀ e ló ṣáájú i. Ẹni tó bá ń gbé orin yẹn lé orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á tún èyí kan ṣe, á ba òmíràn jẹ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi orin yẹn sílẹ̀, kí ẹ mọ ìdílé dípò rẹ̀. Ìdílé cei kò pọ̀: receive, receipt, deceive, perceive, conceive, ceiling. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ọ́fíìsì ń lò lójoojúmọ́. Ẹ kọ́ wọn papọ̀ bí ìbejì, torí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: ẹni tó received owó ló ń kọ receipt. REC, lẹ́yìn náà EI. Bí ẹ bá ti tẹ c tán, ìka tó wà lápá òsì yín ló kàn, torí pé e wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù, i sì wà lápá ọ̀tún.

Receipt tún ní p kan tí ẹnu kì í pè. Rìsíìtì là ń pè é, a ò gbọ́ p níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ receit. P náà gbọ́dọ̀ wà ṣáájú t.

Ìkìlọ̀ kan: bí ẹ bá ti kọ́ cei tán, ẹ má gbé e lọ sí believe àti achieve. Mo máa ń rí beleive àti acheive lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún received ṣe. Kò sí c níwájú fáwẹ̀lì believe, bẹ́ẹ̀ ni c tó wà nínú achieve ní h lẹ́yìn. I ló ń ṣáájú nínú méjèèjì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pa ìwé dé, kí ẹ ní kí ẹnìkan bi yín léèrè kíákíá: "Kí ló wà láàárín separate?" Para. "Kí ló wà nínú ikùn definitely?" Finite. "Kí ló tẹ̀lé atta?" C. "Kí ló tẹ̀lé c nínú received?" E. Bí ẹ bá ní láti ronú kí ẹ tó dáhùn, kò tíì wọlé.

## Ìpele 3: Ẹ fi bírò kọ́ ọwọ́ yín

Mímọ̀ yàtọ̀ sí kíkọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé received ni, síbẹ̀ ọwọ́ wọn á sáré tẹ recieved nígbà tí ọ̀gá bá dúró sí wọn lórí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ẹ fi ọwọ́ bò ó, ẹ kọ ọ́, ẹ ṣí i, ẹ fi wéra. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ kan ní ìgbà ogún láì gbójú kúrò lára èyí tó kọ ṣáájú, yíyà ló ń yà á, kò kọ́ nǹkan kan. Bíbò yẹn gan-an niṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan tí ẹ máa ń lò ní ti gidi, tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀: We have received your payment. Please find attached the invoice. Ọwọ́ máa ń rántí gbólóhùn ju ọ̀rọ̀ kan lásán lọ. Ẹ ṣe èyí láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ márùn-ún tẹ̀ léra wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ọjọ́ kẹfà, kí ẹnìkan pe gbólóhùn mẹ́rin fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ láì wo ibì kankan. Èyí tó bá ṣì ṣì yín lọ́wọ́ nìkan ni kí ẹ tún gbé wọ ọ̀sẹ̀ tó kàn.

## Ìpele 4: Ẹ tún ẹ̀rọ yín ṣe

Ó tó àsìkò láti wo ìdí tí kọ̀ǹpútà àkọ̀wé wa ò fi fa ìlà pupa. Nínú Word, ó ṣí Review, ó tẹ Language, ó tẹ Set Proofing Language. Ó rí i pé ẹnìkan ti fi àmì sínú àpótí tó sọ pé Do not check spelling or grammar. Fáìlì àtijọ́ tó ń dà kọ ló gbé ètò yẹn wá. Ó yọ àmì náà kúrò, mẹ́rin nínú àṣìkọ márùn-ún sì pọ́n lójú kan náà. Seperate nìkan ni kò pọ́n.

Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà kan rí, Word ti fa ìlà pupa sí seperate, ó sì rò pé Word ni kò mọ̀ ọ́n, ó tẹ Add to Dictionary. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Èyí léwu ju àṣìkọ fúnra rẹ̀ lọ, torí pé ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ yín ti di ẹlẹ́rìí èké. Láti yọ ọ́: File, Options, Proofing, Custom Dictionaries, Edit Word List. Ẹ wò gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ fi orúkọ èèyàn àti orúkọ àdúgbò sílẹ̀, kí ẹ fi Delete yọ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá yín lójú.

Bí ẹ bá ṣì wà nínú Proofing, ẹ wo àpótí tó sọ pé Ignore words in UPPERCASE. Àmì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ látilẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ẹ bá kọ PAYMENT RECIEVED ní lẹ́tà ńlá, Word kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ sì rántí pé lẹ́tà ńlá la fi ń kọ orí ínfọ́ìsì àti orí rìsíìtì, ibi tí ojú kọ́sítọ́mà kọ́kọ́ máa ń dé. Ẹ yọ àmì náà.

Excel kì í fa ìlà pupa rárá, bó ti wù kí ẹ tò ó. Àwọn tó ń fi Excel ṣe ínfọ́ìsì sì pọ̀. Ẹ tẹ `F7` kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, òun ló máa yẹ ọ̀rọ̀ wò níbẹ̀.

Lórí fóònù tó ń lo Gboard, ẹ wọ inú Settings rẹ̀, kí ẹ ṣí Dictionary, lẹ́yìn náà Personal dictionary, kí ẹ wò bóyá àṣìkọ kankan ti wọbẹ̀. Bí Gboard bá ń gbé recieved wá fún yín lórí ìlà tó wà lókè kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wọ́ ọ lọ sínú àmì agbọ̀n ìdọ̀tí tó bá yọ. Kò ní gbé e wá mọ́.

Ìkìlọ̀ tó tóbi jùlọ ní ìpele yìí ni defiantly. Ẹni tó bá tẹ definately tàbí nǹkan tó jọ ọ́ pẹ̀lú ìkánjú, ẹ̀rọ lè dábàá defiantly fún un, òun náà á sì tẹ̀ ẹ́ láì kà á. Ọ̀rọ̀ gidi ni, torí náà ìlà pupa á pòórá. Ṣùgbọ́n ohun tí kọ́sítọ́mà ní Ẹbúté máa kà ni pé dispatch rider ń bọ̀ wá bá òun pẹ̀lú oríkunkun. Ẹ má fọwọ́ kan àbá ẹ̀rọ kí ẹ tó rí finite nínú rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí ìwé tuntun nínú Word, kí ẹ lẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́ ọn láti ibòmíì, torí pé bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, AutoCorrect lè tún wọn ṣe kí ẹ tó rí nǹkan kan:

```
seperate RECIEVED attatched definately
```

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ní ìlà pupa. Èyí tí kò bá ní in, ẹ padà sínú Edit Word List; bó bá jẹ́ RECIEVED, ẹ tún wo àpótí Ignore words in UPPERCASE.

## Ìpele 5: Ẹ fọ ìwé àtijọ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé nìyí. Ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ínfọ́ìsì tí ẹ máa dà kọ lọ́la ṣì ní Payment Recieved nínú.

Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ tẹ `Ctrl+H`. Ẹ má ṣe wá odidi ọ̀rọ̀, ègé tó bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ wá, kó lè mú gbogbo ẹbí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà:

```
recie    ->  recei
attatch  ->  attach
definat  ->  definit
seperat  ->  separat
```

Ègé àkọ́kọ́ á tún recieved, recieving àti reciept ṣe papọ̀. Mo yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tọ̀nà ní wọn nínú, torí náà Replace All kò fi bẹ́ẹ̀ lè ba nǹkan jẹ́.

Ẹ má ṣe gé e kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kí cie di cei, policies á di policeis, sufficient á di sufficeint, fáìlì á sì burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Excel tún ní ọgbọ́n kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa fi sí i, kò bìkítà bóyá lẹ́tà ńlá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. RECIEVED lè di receiVED. Ẹ ṣí Options nínú àpótí kan náà, kí ẹ fi àmì sí Match case, kí ẹ ṣe é fún recie, kí ẹ tún ṣe é fún Recie, lẹ́yìn náà RECIE.

Ẹ má gbàgbé orúkọ fáìlì. Bí ẹ bá fi Reciept pamọ́ lórúkọ, lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ní kí ẹ wá a, tí ẹ sì tẹ receipt síbi ìwákiri, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Ẹ fi àṣìkọ náà wá a, kí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tẹ ìlà tó wà nísàlẹ̀ yìí sínú Gmail. Bí àbájáde bá ṣófo, ìpele márùn-ún ti mú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì jáde, ẹ wo íméèlì náà: bó bá jẹ́ gbólóhùn tí ẹ dà kọ, fáìlì kan ṣì kù tí ẹ ò tíì fọ̀, bó bá jẹ́ ohun tí ẹ tẹ̀ fúnra yín, ìpele kẹta ló kù.

```
in:sent newer_than:14d {"recieved" "reciept" "attatched" "definately" "seperate"}
```

## Ìpele 6: Ẹ kà á kó tó lọ

Ẹ má ka íméèlì yín látòkè wá sísàlẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, ojú yín á kàn máa fò ni. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ á tú ká, lẹ́tà nìkan lẹ óò máa rí.

Àkọ̀wé wa bẹ̀rẹ̀ láti mail. Ó kan seperate, ó wá para, kò rí i, ó tún un ṣe. Ó kan reciept, ó wo ohun tó tẹ̀lé c, i ni, ó tún un ṣe, ó sì rí p níbi tó yẹ kó wà. Ó kan definately, ó rí a nínú rẹ̀, ó pa á rẹ́, ó kọ definite kó tó fi ly sí i. Dispatch wà bó ṣe yẹ, tch rẹ̀ kò ní àléébù. Ó kan attatched, ó ka t, mẹ́ta ni, ó yọ ẹyọ kan. Ó kan recieved.

```
Good morning sir. We received your payment.
Find attached the invoice. The dispatch rider
will definitely reach Ebute today. Your receipt
will come in a separate mail.
```

Attached tún ní iṣẹ́ kan tí kò kan lẹ́tà. Bí ojú yín bá dé orí rẹ̀, ẹ wò bóyá fáìlì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gmail máa ń béèrè bí ẹ bá kọ gbólóhùn bíi "see attached" tí kò sì sí fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

## Bó bá ti lọ ńkọ́?

Nínú Gmail, ẹ ṣí Settings, See all settings, General, kí ẹ wá Undo Send. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ló máa ń wà níbẹ̀ látilẹ̀. Ẹ gbé e dé 30. Àṣìkọ tí ojú kọ̀ láti rí kí ẹ tó tẹ Send sábà máa ń hàn gbàrà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán. WhatsApp ń jẹ́ kí ẹ tún ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ kọ láàárín ìṣẹ́jú 15: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ẹ wá Edit.

Bí àkókò yẹn bá ti kọjá, ẹ wo ibi tí àṣìkọ náà wà. Bó bá wà nínú ọ̀rọ̀ íméèlì lásán, ẹ fi sílẹ̀. Íméèlì kejì tí ẹ fẹ́ fi tọrọ àforíjì nítorí definately á gba àkókò kọ́sítọ́mà ju àṣìkọ náà lọ. Ṣùgbọ́n bó bá wà lórí rìsíìtì, ínfọ́ìsì tàbí àdéhùn tí wọ́n máa fi pamọ́, ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ lo nọ́ńbà ínfọ́ìsì ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé èyí rọ́pò ti àárọ̀, kí ẹni tó ń ṣírò owó lọ́dọ̀ wọn má baà san án lẹ́ẹ̀mejì.